Owó Hí Kan Ṣoṣo

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ní pápákọ̀ òfuurufú, owó ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó tún orúkọ ọmọ kọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tí ń ta òrí ní Soje, ní ìlú Mínnà, ṣe àpẹẹrẹ. Ó wọ mọ́tò dé Àbújá láti bá ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Èkó. Kílò 20 ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fi àyè gbà. Nígbà tí wọ́n gbé ẹrù rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, ó di 27. Ó san owó kílò 7 tí ó lé. Kò sí ẹjọ́ níbẹ̀: epo ni ọkọ̀ fi ń gbé ẹrù, wọ́n sì ti kọ ìwọ̀n náà sínú tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní bí ó bá fẹ́ jókòó lẹ́bàá fèrèsé, kí ó san owó mìíràn. Ó ní ibi tí wọ́n bá fi òun sí tó òun. Èyí náà, ẹni tí kò bá fẹ́ lè kọ̀ ọ́.

Ti orúkọ ni kò ṣeé kọ̀. FOLASADE ni ọmọ rẹ̀ tẹ̀ nígbà tí ó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. FOLASHADE ni ó wà lára káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí ó kọjá àfi bí ó bá san owó àtúnṣe. Ta ni ó ṣi orúkọ náà kọ? Fọláṣadé ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì kò gba àmì ohùn, kò sì gba àmì ìsàlẹ̀. Láti A dé Z ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó mọ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ bá ti gé ìdí ṣ dànù, ẹnì kan a kọ S, ẹlòmíràn a kọ SH, kò sì sí èyí tí a lè pè ní àṣìṣe nínú méjèèjì. Ẹ̀rọ ni ó jẹ̀bi, oníbàárà ni ó ń san ìtanràn!

Àwọn onílé-iṣẹ́ ọkọ̀ a máa wí pé bí kò bá sí owó náà, àwọn kan yóò máa ra tíkẹ́ẹ̀tì lówó pọ́ọ́kú, wọn yóò sì tún un tà fún ẹlòmíràn lówó gọbọi. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n pípààrọ̀ èrò nìyẹn. Bí orúkọ ìdílé àti nọ́ńbà fóònù bá bára mu, tí ó jẹ́ hí kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀, èrò kan náà ni. Akọ̀wé lè kọ àlàyé mọ́ àkọsílẹ̀ ìrìnàjò náà, kí ó sì parí síbẹ̀. Ohun tí ń sọ owó di ńlá ni pé àwọn kan a fagi lé tíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́, wọn a tẹ òmíràn ní iye tí ó wà lójà lọ́jọ́ náà, èèyàn a sì san àlékún bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rà á.

Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ka gbígba owó tí ó ju iye tí a gbé síta lọ léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Kí a wá fi owó àtúnṣe pamọ́ di ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, nígbà tí èrò kò lè padà sí Soje mọ́, kí ni a ń pè é? Ryanair pàápàá, tí gbogbo ayé mọ̀ sí agbowó lórí ohun gbogbo, gbà kí èrò tún lẹ́tà bíi 3 ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Kí àjọ tí ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú pàṣẹ irú rẹ̀ níhìn-ín, kí wọ́n sì dá S àti SH sí i lórúkọ.