Ìbéèrè Kejì, Máàkì Ogún: Bí A Ṣe Ra Sílíńdà Gáàsì

Ìbéèrè: Ṣàlàyé ìgbésẹ̀ tí olùrajà ń gbé kí ó tó ra ọjà, kí o sì sọ àwọn ohun tó ń nípa lórí ìpinnu rẹ̀. (Máàkì 20)

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin tí ẹ ti gboyè jáde, gbogbo wa la mọ ìbéèrè yìí. Ọdọọdún ló ń jáde, bákan náà la sì ń dá a lóhùn: olùrajà rí i pé òun nílò nǹkan, ó wádìí, ó fi ọjà wé ara wọn, ó rà á, lẹ́yìn náà ó wò ó bóyá ó tẹ́ òun lọ́rùn. Márùn-ún pé. Ẹni tó bá tò ó tẹ̀ léra gba máàkì. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí òun ra nǹkan, bíírò pupa ni wọn yóò fi fa igi lé e. Ohun tí a fẹ́ bá àwọn olùkọ́ wa jà lé lórí nìyẹn. A ní ìdáhùn tó ń gba máàkì yìí kò pé, ìwé pàápàá kò sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún 1910, John Dewey kọ̀wé nípa bí èèyàn ṣe ń ronú títí yóò fi yanjú ìṣòro. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjà ló ń sọ. Lọ́dún 1968, Engel, Kollat àti Blackwell gbé irú èrò bẹ́ẹ̀ wọ inú ìmọ̀ nípa olùrajà, Philip Kotler sì tàn án ká nínú ìwé rẹ̀ tí gbogbo wa ń kà. Kotler yìí kan náà ló kọ ọ́ pé olùrajà lè fo ìgbésẹ̀ kan, ó sì lè yí wọn po. Ó ní ẹni tó ti mọ ọṣẹ ìfọyín tó máa ń rà, bí ó bá ti tán, rírà ló kàn. Gbólóhùn yẹn ló jábọ́ lójú ọ̀nà kó tó dé inú háńdáòtì wa.

Ẹ jẹ́ ká fi tiwa dáhùn. Àwa mẹ́rin là ń gbé yàrá kan níta ọgbà iléèwé. Sítóòfù kẹrosíìnì la ń lò. Ìdí ìkòkò wa dúdú bí èédú, aṣọ wa ń rùn, bí a bá sì gbé ẹ̀wà kaná, a ó sùn a ó jí kó tó jiná. Oṣù mẹ́fà la fi wà bẹ́ẹ̀, a kò pè é ní ìṣòro. Ọjọ́ tí ará yàrá kejì fi gáàsì se indomí tirẹ̀ tó sì jẹ ẹ́ tán kí tiwa tó hó, ọjọ́ yẹn la mọ̀ pé ìyà ń jẹ wá. Ojú tí a fi rí ti ẹlòmíì ló sọ tiwa di ìṣòro. Ìwádìí wa náà kò kọjá ẹnu rẹ̀: a bi í níye tó rà á, iye ọjọ́ tó ń lò ó àti ibi tó ti ń rọ ọ́.

Ìfiwéra ló wá kàn. A ṣe é bí wọ́n ṣe kọ́ wa. A mú nǹkan mẹ́rin, a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n: ààbò 4, owó tí a ó máa ná lóṣooṣù 3, ìyára 2, owó ìrà 1. A wá fún ọjà kọ̀ọ̀kan ní máàkì lórí 10, a sì fi ìwọ̀n sọ ọ́ di púpọ̀. Gáàsì gba 6, 8, 9 àti 3, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 69. Sítóòfù iná mànàmáná gba 7, 5, 5 àti 9, ó jẹ́ 62. Kẹrosíìnì gba 7, 3, 4 àti 8, ó jẹ́ 53.

Ẹ wo ibi tí ìṣirò yìí ti tàn wá. Ó ní sítóòfù iná mànàmáná dára ju kẹrosíìnì lọ. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, iná lè lọ ní ọjọ́ méjì kó má padà. Kò sí bí owó ìrà rẹ̀ ṣe lè kéré tó tí yóò dí àìsí iná. Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé bí ọjà bá ti kùnà níbẹ̀, a ti yọ ọ́ kúrò nìyẹn, a kì í rò ó pọ̀ mọ́ ìyókù. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń yan ọjà nìyẹn: wọ́n ń yọ èyí tí kò ṣeé ṣe kúrò ni, wọn kì í ro gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Gáàsì ló borí. A pinnu láti ra sílíńdà kílò mẹ́fà. Kotler ní nǹkan méjì lè dá sí àárín ìpinnu àti rírà: èrò ẹlòmíì, àti ohun tí a kò retí. Àwọn méjèèjì dé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ìyá ọ̀kan nínú wa pè.

“Ẹ má gbé bọ́ǹbù sùn sínú yàrá fún mi o!”

“Màámi, ìta la ó máa gbé e sí.”

“Ta ni yóò dìde gbé e síta lóru? Mi ò fi kọ́bọ̀ sí i.”

Òun kọ́ ni yóò lo gáàsì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni ìdá kan nínú mẹ́rin owó wa wà. Lọ́dún 1960, Raymond Bauer sọ pé ewu tí olùrajà rò pé ó wà nínú ọjà ló ń bá a fà á. Nínú ọ̀rọ̀ tiwa, ẹni tó ń bẹ̀rù kọ́ ni ẹni tó ń rajà. Nígbà tí owó rẹ̀ jáde kúrò, kílò mẹ́fà kò ṣeé rà mọ́. Kílò mẹ́ta la rà, èyí tí a kò fún ní máàkì kankan nínú ìfiwéra wa. Bí owó bá ti mọ ni oògùn ń mọ.

Àti pé, ìgbà tí a rà á tán la ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ ohun tó yẹ ká ti wò. Lẹ́yìn tí a rọ gáàsì lẹ́ẹ̀kejì, ó tán kíákíá. Ará yàrá kejì ló fi han wá pé wọ́n tẹ ìwọ̀n òfìfo sílíńdà sára rẹ̀ lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà T.W. Tiwa jẹ́ 4.2. Bí a bá rọ kílò mẹ́ta, ó yẹ kó wọn 7.2. Nígbà tí a tún rọ ọ́, a gbé e sórí òṣùwọ̀n aláta: 6.7. Ìlàjì kílò ti dín. A kò padà lọ jà. A yí ibi tí a ti ń rà á padà, a sì sọ fún gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa yẹn sì ti di ìwádìí ẹlòmíì.

Nítorí náà, ìdáhùn wa nìyí. Ìgbésẹ̀ márùn-ún wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tààrà kọ́. Tiwa, owó àti ìyá ẹlẹ́yàá ló gé ìpinnu kúrú, ìfiwéra tó ṣe pàtàkì jù sì dé lẹ́yìn rírà. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ fi máàkì mẹ́wàá sí orí ìgbésẹ̀ márùn-ún, kí ẹ fi mẹ́wàá tó kù bi akẹ́kọ̀ọ́ pé: kí lo rà, ìgbésẹ̀ wo lo fò, ta ló ní owó náà? Ẹni tó bá há háńdáòtì sórí kò ní lè dáhùn ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ ta ọjà fún àwọn bíi tiwa lọ́la kò sì gbọ́dọ̀ má mọ̀ ọ́n.