Òṣùpá Kan Náà Ni Èmi àti Táíwò Ní

Ìbejì ni wá, ọmọ ọdún 17. Lọ́dún yìí, Táíwò kọ̀ láti gba fọ́ọ̀mù ìdánwò àtiwọ yunifásítì. Àǹtí wa kan tó máa ń wo ìràwọ̀ ló sọ fún un pé òṣùpá rẹ̀ ti wọ ìgbà òkùnkùn, kó má dáwọ́ lé ohun tuntun fún ọdún méjì ààbọ̀ sí i. Mo ta kò ó, ìṣirò tiwọn gan-an ni mo sì fẹ́ fi ta kò ó.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìbí dúró fún ọdún kan láyé ẹni. Nítorí náà, ibi tí òṣùpá wà lójú ọ̀run ní ọjọ́ 17 lẹ́yìn tí wọ́n bí wa ni wọ́n fi ń ka ọdún 17 wa. Òṣùpá máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 29 ààbọ̀ kó tó tún di tuntun. Nínú ìṣirò yìí, ó di ọdún 29 ààbọ̀. Wọ́n pín in sí ọ̀nà 8, ìpín kọ̀ọ̀kan sì lé díẹ̀ ní ọdún 3 ààbọ̀. Òṣùpá ti lo ọjọ́ 10 nígbà tí wọ́n bí wa, ó ku ọjọ́ 19 ààbọ̀ kó di tuntun. Ìpín ìkẹyìn la wà yìí, èyí tí wọ́n ní ó wà fún ìsinmi.

Ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú 40 péré ni Táíwò fi ṣáájú mi wáyé. Bí wákàtí 24 bá jẹ́ ọdún kan, ìṣẹ́jú 40 jẹ́ ọjọ́ 10. Kí ló dé tí ara mi fi ń yá gágá, tí òun sì fẹ́ jókòó?

Wọ́n á ní ọkàn ni àwọn ń kà, kì í ṣe ìṣẹ̀lẹ̀. Lóòótọ́, ìdàgbàsókè ọkàn ni Dane Rudhyar, awòràwọ̀ tó kọ ìwé lórí yípo òṣùpá, tẹnu mọ́. Ọkàn náà ni mo ń bèèrè! Ẹ sọ fún ọmọ ọdún 17 èyíkéyìí tó ń múra ìdánwò pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ṣé kò ní gbà?

Mo dán an wò. Mo ní kí Màmá wa kọ àwọn ọdún tí ọkàn wọn yí padà sílẹ̀ kí Àǹtí tó ṣírò. Wọ́n kọ 22 àti 34. Ìṣirò Àǹtí mú 26 ààbọ̀ wá. Màmá ní àwọn kò rántí ohunkóhun lọ́dún náà. Àǹtí dáhùn pé bóyá ó ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ ọkàn ni. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, ọfà tí wọn kò gbà pé ó lè tàsé, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ bó bá bà á?

Ẹni tó bá fẹ́ fi òṣùpá bi ara rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀, kò burú. Kó má fi ṣe àṣẹ. Fọ́ọ̀mù ní ọjọ́ tí wọ́n ń tì í, kò sì ní dúró de òṣùpá ẹnikẹ́ni.

Táíwò, èmi Kẹ́hìndé, ẹ̀gbọ́n rẹ, ni mo kọ́kọ́ rán ọ pé kó o lọ tọ́ ayé wò. Mo tún rán ọ: lọ gba fọ́ọ̀mù náà.