Ẹ má gbé òṣìṣẹ́ ga tán kẹ́ ẹ wá fi í sílẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀

Ẹni tó bá ti gba Pobẹ̀ lọ sọ́nà Kétu rí yóò mọ ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì tó wà ní Onígbolo. Ìjọba Bẹ̀nẹ̀ àti ti Nàìjíríà ló jọ da owó pọ̀ dá a sílẹ̀, nítorí òkúta ẹfun tó wà nínú ilẹ̀ agbègbè náà. Ààrò tí wọ́n fi ń sun òkúta láti fi ṣe sìmẹ́ńtì máa ń gbóná tó ìwọ̀n 1,450 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, kì í sì í ṣe iná tí èèyàn ń pa lálẹ́ kó tún tan án láàárọ̀. Ìdí nìyẹn tí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í fi í sùn. Àwọn òṣìṣẹ́ á pín ọjọ́ sí mẹ́ta, wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ, ìkọ̀ kan á máa gbà á lọ́wọ́ èkejì. Ìkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní alábòójútó tirẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní sẹ́fù níbí.

Ibi tí sẹ́fù ti ń wá gan-an lọ̀rọ̀ wà. Nínú ìkọ̀ náà ni wọ́n ti sábà máa ń mú un. Lánàá, òun àti wọn jọ ń gbé àpò, wọ́n jọ ń jẹ gaàrí, wọ́n jọ ń bú ọ̀gá. Lónìí, òun ni ọ̀gá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gbé èèyàn ga lẹ́nu iṣẹ́ gbà pé lẹ́tà tí wọ́n fún un ti tó, pé tó bá gbọ́n, á mọ̀ ọ́n ṣe. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Tí sẹ́fù tuntun bá ba nǹkan jẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹni tó gbé e ga ni mo máa kọ́kọ́ bi léèrè.

Ọ̀mọ̀wé Linda Hill ti Yunifásítì Harvard tẹ̀lé àwọn alábòójútó tuntun 19 fún ọdún àkọ́kọ́ wọn lẹ́nu iṣẹ́, ó sì kọ ìwé lé e lórí lọ́dún 1992. Ohun tó rí yé ẹnikẹ́ni tó bá ti darí èèyàn rí. Wọ́n rò pé oyè tuntun yóò mú kí wọ́n máa gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu, àfi ìgbà tí wọ́n rí i pé oyè kò ṣe bẹ́ẹ̀. Amẹ́ríkà ni wọ́n wà o. Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé èdè wa gan-an ń mú ọjọ́ orí lò.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan ṣe é. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀ka tí wọ́n ti ń rọ sìmẹ́ńtì sápò, níbi tí àpò kan ti jẹ́ kílò 50, tí ogún àpò sì ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Òṣìṣẹ́ mẹ́wàá ló wà nínú ìkọ̀ kan. Wọ́n mú ọ̀kan nínú wọn, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, wọ́n fi í ṣe sẹ́fù. Nínú àwọn mẹ́sàn-án tó kù, àwọn méjì dàgbà jù ú lọ, tí wọ́n ń pè é ní àbúrò. Ẹnì kan wà tóun náà fẹ́ ipò yẹn. Ẹnì kan sì jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, tí wọ́n jọ ń dá àjọ.

Iṣẹ́ ọ̀gá àgbà bẹ̀rẹ̀ kí sẹ́fù tuntun tó lo ọjọ́ kan. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe ẹni tó fẹ́ ipò náà tí kò rí i gbà, kó sọ fún un lójúkojú ìdí tí kò fi jẹ́ òun, kó tó di pé ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlòmíì. Lẹ́yìn náà, ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni kó dúró níwájú ìkọ̀ náà láti kéde rẹ̀, kó sì ka ohun tí agbára sẹ́fù tuntun mọ: òun ló ń pín iṣẹ́, òun ló ń fọwọ́ sí ìwé wíwọlé, òun ló ń fúnni láyè láti lọ sílé. Tí ilé iṣẹ́ ò bá tíì fún un lágbára wọ̀nyí, kí wọ́n má wulẹ̀ fi àkókò ṣòfò lórí títọ́ ọ sọ́nà. Kò sí ìmọ̀ràn tó lè ran ẹni tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá lẹ́nu lásán lọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, kí sẹ́fù bá ẹnì kọ̀ọ̀kan jókòó, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré, kó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó dàgbà jù ú. Ìbéèrè méjì ti tó: kí ló ń dí iṣẹ́ yín lọ́wọ́, kí lẹ ò sì fẹ́ kí n yí padà? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ “ẹ” àti “o” ti wọlé. Mo ti gbọ́ táwọn kan ń sọ pé ọ̀gá ò gbọdọ̀ máa “ẹ” ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ aláìmọ̀kan nìyẹn. Tó bá dédé bẹ̀rẹ̀ sí í pe ẹ̀gbọ́n ní “ìwọ” lọ́jọ́ kejì tó di ọ̀gá, gbogbo ìkọ̀ ti kẹ̀yìn sí i. Kó máa bá “ẹ” rẹ̀ lọ, àmọ́ kó mọ ìyàtọ̀ láàárín àṣẹ àti ìbéèrè. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ kejì ni kẹ́ ẹ dúró sí lónìí” jẹ́ àṣẹ, ọ̀wọ̀ sì wà nínú rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ lè bá mi dúró sí ẹ̀rọ kejì?” ti ṣílẹ̀kùn fún “rárá”. Ọ̀gá tó ń tọ́ ọ sọ́nà lè mú un fi irú gbólóhùn báyìí dánra wò títí á fi yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni wàhálà dé. Iṣẹ́ òru ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Ọ̀rẹ́ sẹ́fù pẹ́ dé lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ogójì ìṣẹ́jú nígbà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́ẹ̀mejì àkọ́kọ́, sẹ́fù kọ aago mẹ́wàá sí iwájú orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹni tó fẹ́ ipò náà sọ̀rọ̀ sókè pé, “Ìwé àwọn kan ń ka aago tiwọn lọ́tọ̀.” Sẹ́fù sá lọ bá ọ̀gá: “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá a sọ̀rọ̀.”

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló máa gbà. Ó yá, ó sì dùn mọ́ wọn. Àmọ́ ọjọ́ tí ọ̀gá bá bá sẹ́fù bá ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó ti sọ fún gbogbo wọn pé kò sí sẹ́fù níbẹ̀.

Lọ́dún 1940, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ti bẹ̀rẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà dá ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan sílẹ̀ fáwọn alábòójútó ilé iṣẹ́. Wọ́n tẹ ìgbésẹ̀ mẹ́rin sórí káàdì kékeré tó ń wọ àpò: wá òótọ́ ọ̀rọ̀, gbé e wò kó o tó pinnu, ṣe ohun tó o pinnu, padà lọ wo ohun tó yọrí sí. Ó ti pẹ́, àmọ́ mi ò tíì rí èyí tó sàn jù ú lọ fún irú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀gá wá bi í pé, “Kí lo mọ̀ nípa ìdí tó fi ń pẹ́?” Sẹ́fù ní ó sọ pé táyà ọkàdà jò. “Lẹ́ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta?” Kò lè dáhùn. Ọ̀gá ní kó lọ béèrè, kó padà wá lọ́la. Ó padà dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn: ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀ bímọ, ara rẹ̀ ò tíì yá, ọkọ ló ń gbé oúnjẹ alẹ́ lọ fún un nílé ìwòsàn ní Pobẹ̀ kó tó wá sẹ́nu iṣẹ́. Ojú ń ti ọkùnrin náà láti sọ ọ́ fún ẹni tí wọ́n jọ wà lánàá.

Wọ́n gbé e wò. Tó bá fojú fò ó, àwọn mẹ́jọ yòókù ló ń ru ẹrù rẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, wọ́n sì mọ̀. Tó bá kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ lójú ẹsẹ̀, ó fìyà jẹ ẹni tó wà nínú ìṣòro. Ọ̀nà kẹta ni wọ́n mú: kí ọ̀rẹ́ náà bá ẹnì kan tó bá fẹ́ nínú ìkọ̀ ọ̀sán pààrọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ìwé sì máa sọ òótọ́ láti òní lọ. Sẹ́fù tún jẹ́wọ́ ìgbà méjì tó kọ irọ́ sínú ìwé. Ọ̀gá ní kó tún un kọ, kó fọwọ́ sí i. Kò pariwo mọ́ ọn. Tó bá pariwo, sẹ́fù ò ní mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá mọ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ ẹnu dánra wò, ọ̀gá ṣe bí ẹni pé òun ni ọ̀rẹ́ náà. Sẹ́fù bẹ̀rẹ̀: “Ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ní kí n sọ fún ẹ pé…” Ọ̀gá dá a dúró. Ta ni “wọ́n”? Gbólóhùn yìí ló ń ba iṣẹ́ sẹ́fù tuntun jẹ́ jù lọ, nítorí ó fi ara rẹ̀ ṣe ìránṣẹ́. Wọ́n tún un ṣe títí ó fi sọ pé: “Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ, mo sì ti bá ẹ wá ẹni tẹ́ ẹ máa jọ pààrọ̀. Àmọ́ èmi ni mo ń kọ ìwé. Tó o bá tún pẹ́ dé, aago tó o dé ni màá kọ.” Kó lọ sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbésẹ̀ kẹrin di ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e: ọ̀gá béèrè bí ọ̀rẹ́ náà ṣe gbà á, ó sì béèrè ohun tí àwọn yòókù ń sọ.

Àwọn kan á ní ṣe ni kí wọ́n gbé sẹ́fù tuntun lọ sí ìkọ̀ mìíràn, kí ojú má baà tì í. Ó lè ṣiṣẹ́ ní ìlú ńlá. Ní Onígbolo, wọ́n á pàdé lọ́jà, wọ́n á pàdé níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n á sì pàdé nídìí àjọ. Lórí àjọ, kó máa dá tirẹ̀ lọ, àmọ́ tó bá jẹ́ òun ni olórí àjọ tó ń gba owó, kó gbé e fún ẹlòmíì. Èèyàn ò lè máa fowó tó jẹ́ lọ́sẹ̀ yìí béèrè iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ogún ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ kan fún oṣù mẹ́ta ti tó fún ìtọ́nà yìí. Láàárín rẹ̀, ọ̀gá ní nǹkan méjì láti máa ṣọ́. Èkíní, ṣé sẹ́fù ṣì wà nídìí ẹ̀rọ tó ń gbé àpò? Bí èèyàn bá ń sá fún pípàṣẹ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ àtijọ́ ló máa ń sá wọ̀. Èkejì, ṣé àwọn ọmọ iṣẹ́ ń gba orí rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì ọ̀gá? Ìdáhùn kan náà ni kí ọ̀gá ní fún gbogbo wọn: “Kí ni sẹ́fù rẹ sọ?”

Lẹ́yìn èyí, kó wo ìwé wákàtí àfikún. Wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni òfin iṣẹ́ Bẹ̀nẹ̀ fọwọ́ sí, owó sì wà lórí ohun tó bá lé. Sẹ́fù ló ń yan ẹni tó máa rí owó yẹn gbà, nítorí náà, kó to orúkọ wọn tẹ̀ léra, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ní ìparí oṣù kẹta, kí ọ̀gá ka iye ìgbà tí orúkọ ọ̀rẹ́ yẹn jáde níbẹ̀, àti iye ìgbà tí ti ẹni tó fẹ́ ipò náà jáde, kó tó sọ pé sẹ́fù lè máa dá rìn.