Ẹni tó bá fẹ́ júwe télọ̀ fáwọn aráàdúgbò, kó sọ ọjọ́ tó gbà á, kó sọ ibi tó kù sí

Ó ṣòro láti rí ìkànnì Wasáàpù àwọn onílé àti ayálégbé kan, ì báà jẹ́ l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn, tí ìbéèrè yìí kì í ti í jáde: 'Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ télọ̀ tó mọṣẹ́, tí kì í já èèyàn kulẹ̀?' Kó tó di pé ẹni tó béèrè gbé fóònù sílẹ̀, nọ́ńbà márùn-ún, mẹ́fà ti wọlé. Ẹnì kan á ní 'ó mọṣẹ́ gan-an ni', ẹlòmíì á ní 'ẹ sọ fún un pé èmi ni mo ní kẹ́ ẹ wá', ẹnì kẹta á kàn fi àwòrán àtàǹpàkò ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ẹni tó gbé aṣọ dání kò sì mọ̀ ju bó ṣe mọ̀ kó tó béèrè lọ.

Bẹ́ẹ̀, owó tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni owó tí wọ́n fi ra léèsì ní Gbági tàbí ní Balógun máa ń ju owó tí télọ̀ máa gbà láti rán an lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Bí télọ̀ bá ba aṣọ náà jẹ́, tó wá dá owó iṣẹ́ padà, owó aṣọ ti lọ nìyẹn. Bó bá jẹ́ aṣọ ẹbí ńkọ́? Àwọn tó pín in ti lè pín in tán, ọlọ́jà sì lè máà ní irú ẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ á jókòó sóde àríyá nínú aṣọ tí kò bá tàwọn yòókù mu, tàbí kó má tiẹ̀ lọ mọ́. Ìdí nìyí tí ìjúwe télọ̀ fi ju 'ó mọṣẹ́' lọ.

Irú èyí tó lè wúlò rèé. Àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó:

'Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin aráàdúgbò. Ẹni tó bá ń wá télọ̀ obìnrin, ìyá kan wà lẹ́yìn ilé omi. Aṣọ mẹ́rin ló ti rán fún mi láàárín ọdún kan ààbọ̀: ìró àti bùbá méjì, bùbú kan, káábà léèsì kan. Mẹ́ta bá mi lára gẹ́lẹ́. Ti léèsì yẹn fún mi láyà, ó tú u, ó tún un rán lọ́jọ́ kejì, kò gba kọ́bọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì ló máa ń dá fún mi. Ó ti yẹ ọjọ́ lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ méjì ló fi lé, àmọ́ ó pè mí kó tó di ọjọ́ náà. N10,000 ni mo san fún ìró àti bùbá lóṣù tó kọjá, èmi ni mo ra láínìn. Kì í rán aṣọ ọkùnrin. Ẹ má gbé aṣọ ìyàwó lọ bá a, kì í ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Kì í ṣe ẹbí mi, kò sì fún mi ní nǹkan kan. Mo ti bi í kí n tó fi nọ́ńbà ẹ̀ síbí, ó ní aṣọ mẹ́ta péré lòun ṣì lè gbà fún oṣù yìí.'

Kò gùn jù. Ẹni tó bá ń wakọ̀ á kà á tán kí iná tó dá ọkọ̀ dúró lójú pópó tó yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ kó máa kà á níbẹ̀.

Ibi tó wúlò jù lọ nínú ẹ̀ ni ibi tó ti sọ pé léèsì fún òun láyà. Ọ̀pọ̀ èèyàn á yọ gbólóhùn yẹn kúrò, wọ́n á ní kò yẹ káwọn ba ọjà oníṣẹ́ jẹ́. Àmọ́ kò sí télọ̀ tí aṣọ kì í yíwọ́ mọ́ lọ́wọ́. Ohun tó ya télọ̀ kan sọ́tọ̀ sí èkejì ni ohun tó ṣe lẹ́yìn tó yíwọ́. Aṣọ tó bá tóbi jù rọrùn, wọ́n á kàn rán an wọlé sí i ni. Aṣọ tó bá fún ni wàhálà wà, nítorí pé kò sí bí wọ́n ṣe lè tú u sóde àfi tí télọ̀ bá fi aṣọ sílẹ̀ nínú ojú ìrán. Èyí tó bá fi íǹṣì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, aṣọ náà ṣeé tú. Èyí tó bá gé e kù díẹ̀ bíńtín, tó jẹ́ pé ibi tí òwú gbà ni aṣọ parí sí, kò sí nǹkan tẹ́nikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́. Léèsì tún le ju ànkárá lọ, nítorí pé bí wọ́n bá ń fi abẹ tú u láìfara balẹ̀, ihò inú ẹ̀ á ya. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ júwe télọ̀, kó yí aṣọ tó rán fún un síta wò kó tó kọ ohunkóhun. Kó wò ó bóyá aṣọ wà nínú ojú ìrán, bóyá wọ́n fi ẹ̀rọ dí etí ẹ̀ kó má baà máa tú, bóyá láínìn kò fa aṣọ òkè sókè. Bó bá jẹ́ ànkárá ni, kó wo àwòrán ara ẹ̀. Télọ̀ tó bá ń kánjú máa ń gé iwájú àti ẹ̀yìn láìwo ibi tí àwòrán kọrí sí, ẹyẹ iwájú á gbórí sókè, tẹ̀yìn á dorí kodò. Ẹni tó wọ̀ ọ́ kò ní rí i, àwọn tó bá jókòó sẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n máa rí i.

Ó tún dáa kó sọ bóyá wọ́n dá àjákù aṣọ padà. Ẹni tó gbé ọ̀pá mẹ́fà lọ fún ìró àti bùbá lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ibi tí ìyókù wà.

Iye aṣọ tí télọ̀ ti rán náà ṣe pàtàkì. Aṣọ àkọ́kọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ òótọ́, nítorí pé ojú ni télọ̀ fi ń wá oníbàárà tuntun, ọ̀gá fúnra ẹ̀ ló máa gé e, òun náà ló máa rán an. Láti ìgbà kẹta lọ, nígbà tó ti mọ̀ pé oníbàárà yẹn ò lọ ibì kankan, ni èèyàn á tó mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an.

Ní ti owó, kí wọ́n kọ oṣù àti ọdún mọ́ ọn. Lẹ́yìn tí ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin lọ́jọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, epo tí jálá ẹ̀ kò tó N200 tẹ́lẹ̀ di èyí tó lé ní N480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Télọ̀ tó ń fi jẹnẹrétọ̀ gbé iná fún ẹ̀rọ àti áyọ́ọ̀nù kò lè gba owó àná mọ́. Kódà èyí tó ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ ṣì nílò iná fún áyọ́ọ̀nù, àfi bó bá ń lo ẹlẹ́yinná. Ẹni tó bá rí iye owó 2022 nínú ìkànnì, tó wá lọ bá télọ̀ jà pé wọ́n ti sọ iye tó ń gbà fún òun, ìjúwe tí kò ní ọjọ́ nínú ló fa ìjà yẹn.

Ibi táwọn tó ń júwe kì í sábà rò dé wá ni pé ìjúwe náà lè ba télọ̀ jẹ́. Ká ní télọ̀ kan wà pẹ̀lú ọmọ iṣẹ́ méjì, tó ń parí aṣọ méjì lójúmọ́. Ọjọ́ mẹ́fà ló ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, aṣọ méjìlá nìyẹn. Àwọn oníbàárà ẹ̀ àtijọ́ sì ti ń gbé bíi mẹ́sàn-án wá lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan wá júwe ẹ̀ sí ìkànnì tí igba èèyàn wà, mẹ́wàá gbé aṣọ ẹbí wá fún Sátidé kan náà. Mẹ́ta péré ni àyè wà fún. Àmọ́ mélòó ni télọ̀ tó máa rí owó àsansílẹ̀, tó máa ní òun ò gbà á? Á gbà á, á sì gbé gígé aṣọ fún ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì mọ̀ ju kó di etí aṣọ lọ. Nígbà tó bá fi máa di alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, igba èèyàn tó gbọ́ pé ó mọṣẹ́ náà ló máa gbọ́ pé oníyẹ̀yẹ́ ni. Àwọn mẹ́sàn-án àtijọ́ tó ń bọ́ ọ kí ìkànnì tó gbọ́ orúkọ ẹ̀ náà á sì ti wá ibòmíì gbà. Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú àpẹẹrẹ yẹn fi ní láti wà níbẹ̀: kí wọ́n bi télọ̀ léèrè iye tó lè gbà, kí wọ́n sì kọ iye náà.

Ẹni tó bá gbé aṣọ lọ náà ní ohun tó yẹ kó máa wò. Bí wọ́n bá dá ọ̀sẹ̀ méjì, kó yà síbẹ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kó ní kí wọ́n jẹ́ kóun rí i. Bí aṣọ bá ṣì wà nínú ọ̀rá bó ṣe gbé e wá, tí télọ̀ wá ń béèrè owó díẹ̀ sí i fún ṣíìpù àti òwú, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé owó àsansílẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n ti fi parí aṣọ ẹlòmíì. Kó gbé aṣọ ẹ̀ nígbà tí wọn ò tíì gé e. Òótọ́ ni pé òfin ìdíje ọjà àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ pé kí iṣẹ́ parí lásìkò, kí wọ́n sì tètè fi tó o létí bí ìdádúró bá fẹ́ wà. Àmọ́ ta ló máa pa iṣẹ́ tì lọ pe ẹjọ́ nítorí bùbá?

Ìṣòro kan ṣì wà. Ìjúwe tó dáa máa ń sọnù sábẹ́ ìkíni àárọ̀ àti fídíò àwọn pásítọ̀ kó tó di ọjọ́ kejì. Alábòójútó ìkànnì lè so ó mọ́ òkè, àmọ́ ọgbọ̀n ọjọ́ ló pẹ́ jù tí Wasáàpù máa fi í síbẹ̀ kó tó já a, ó sì yẹ kí wọ́n tún un so. Àwọn tó bá gbé aṣọ lọ náà, abẹ́ ìjúwe yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n padà wá kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, ọjọ́ tí wọ́n dá fún wọn àti ọjọ́ tí wọ́n gba aṣọ, kí ẹni tó bá ń wá télọ̀ nígbà iléyá tàbí Kérésì lè rí gbogbo ẹ̀ lójú kan.