Kí a tó fọwọ́ sí lẹ́tà dékúfẹ̀ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kà á dé ojú ìwé tó kẹ́yìn

Ọ̀rọ̀ owó ni a mú wá lónìí. A fẹ́ sọ nípa lẹ́tà tí báńkì máa ń fún oníṣòwò nígbà tó bá gbà kí ó máa fa owó tí kò sí nínú àkáǹtì rẹ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí dékúfẹ̀ẹ̀. Àwa tí a kọ́ ìwé ní Faransé ni wọ́n sábà máa ń gbé e wá bá nínú ẹbí. Ìbéèrè tó sì máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé: "Tíṣà, eélòó ni wọ́n fún wa?"

Lójú tiwa, ìdáhùn ìbéèrè yẹn ni ó wúlò kéré jù nínú lẹ́tà náà. Ibi mẹ́rin ni ó yẹ kí a kà: gbèdéke owó tí a lè fà, iye tí owó náà yóò ná wa, ọjọ́ tí àdéhùn yóò parí, àti ohun tí a fi dúró. Méjì àkọ́kọ́ lè jẹ èrè ọdún kan. Méjì tó kẹ́yìn lè gba ilé lọ́wọ́ ẹni.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ ṣàlàyé. Ìyá kan ń ra àgbàdo ní agbègbè Kétu nígbà ìkórè, ó ń kó o pamọ́, ó sì ń tà á nígbà tó bá wọ́n. Báńkì fún un ní lẹ́tà. Gbèdéke rẹ̀ jẹ́ 5,000,000 sẹ́ẹ̀fà. Èlé jẹ́ ìdá 12 nínú 100 lọ́dún, lórí iye tó bá fà nìkan. Owó ìwé jẹ́ ìdá 1 nínú 100 lórí gbogbo gbèdéke, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Lẹ́yìn náà, ìlà kékeré kan wà tí ó sọ pé lóṣooṣù, báńkì yóò gba ìdá 1 nínú 1,000 lórí ibi tí gbèsè ti ga jù nínú oṣù náà.

Ìyá yìí fa 4,000,000, ó sì lò ó fún 180 ọjọ́. Báńkì ń ka ọdún sí 360 ọjọ́, nítorí náà èlé rẹ̀ jẹ́ 240,000. Owó ìwé jẹ́ 50,000, nítorí pé orí 5,000,000 ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀, kì í ṣe orí ohun tó fà. Ti oṣooṣù jẹ́ 4,000 lọ́nà mẹ́fà, ìyẹn 24,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 314,000. Bí a bá fi èyí wé 4,000,000 fún ìdajì ọdún, tí a sì sọ ọ́ di ti ọdún kan, ó ti di ìdá 15.7 nínú 100. Ìdá 12 ni wọ́n kọ sí ojú ìwé àkọ́kọ́.

Gbogbo wa tó ń ná sẹ́ẹ̀fà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni òfin dáàbò bò níbí. Ní ọdún 2014, wọ́n fi lélẹ̀ pé báńkì kò gbọ́dọ̀ kọjá ìdá 15 nínú 100 lọ́dún, àti pé àwọn ilé owó kéékèèké kò gbọ́dọ̀ kọjá 24. Èlé àti àwọn owó mìíràn tó rọ̀ mọ́ ọn ni wọ́n ń kà pọ̀ láti mọ̀ bóyá ó kọjá. Ìṣirò wa lókè yìí kò tíì fi hàn pé báńkì rú òfin, nítorí owó ìwé jẹ́ ti ọdún gbogbo, ìṣirò àpapọ̀ náà sì ní ìlànà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fún wa ní ìbéèrè tó yẹ kí a bi òṣìṣẹ́ báńkì: "Ọ̀gá, iye èlé àpapọ̀ dà nínú lẹ́tà yìí? Àwọn owó wo ni ẹ kà mọ́ ọn?"

Ohun kan tún wà nípa gbèdéke náà. Inú àkáǹtì yẹn gan-an ni báńkì ti ń yọ èlé rẹ̀. Bí ìyá wa bá fa 4,900,000, èlé oṣù mẹ́ta jẹ́ 147,000. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá yọ ọ́, gbèsè rẹ̀ di 5,047,000. Kò ra àpò àgbàdo kan kún un, síbẹ̀ ó ti kọjá gbèdéke, èlé tó ga ju ti àkọ́kọ́ lọ sì lè bẹ̀rẹ̀ lórí ohun tó lé. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n fún ní 5,000,000 kò ní 5,000,000 láti fi ra ọjà. Kí ó fi ààyè èlé sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ọjọ́ tí àdéhùn parí. Lẹ́tà ìyá wa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejì, ó sì parí ní 31 oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e. Oṣù méjìlá ni lórí ìwé. Ṣùgbọ́n oṣù keje sí oṣù kẹjọ ni a ń kórè àgbàdo àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ wa, ìgbà yẹn sì ni owó rẹ̀ máa ń wálẹ̀. Ìgbà tí òjò tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀, tí àká ti ń gbẹ, láti bí oṣù kẹrin lọ, ni ó máa ń wọ́n. Ẹni tó bá fa owó ní oṣù kẹjọ kò ní ju oṣù mẹ́fà lọ kí lẹ́tà tó kú.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ká ní ó ra 200 àpò ní 20,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù kìíní, àpò kan di 22,000. Bí báńkì bá ní kí ó dá gbogbo owó padà, yóò ta gbogbo rẹ̀ ní 4,400,000. Yóò san 4,000,000, yóò san 314,000, yóò ku 86,000, kò sì tíì san owó ọkọ̀ àti owó ilé ìkẹ́rù. Ká ní ó lè dúró di oṣù karùn-ún, tí àpò kan jẹ́ 26,000, yóò rí 5,200,000. Owó báńkì yóò ti di 446,000 fún oṣù mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n 754,000 ni yóò kù sí i lọ́wọ́. Àgbàdo kan náà ni, báńkì kan náà ni, èlé kan náà ni. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà ni ó yàtọ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé, "Ṣebí wọ́n máa tún un ṣe." Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ. Ọ̀pọ̀ lẹ́tà sọ pé àtúnṣe wà lọ́wọ́ báńkì nìkan, àti pé báńkì lè béèrè gbogbo owó rẹ̀ nígbàkígbà. Ẹni tí wọ́n ti tún tirẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mẹta kò ní ẹ̀tọ́ kankan sí ẹ̀ẹ̀kẹrin. Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ sí i ni kí a ti sọ pé: ẹ jẹ́ kí ó parí ní òpin oṣù kẹfà, lẹ́yìn tí ọjà ti tà, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ẹ ó sọ fún wa ní oṣù méjì ṣáájú bí ẹ kò bá ní tún un ṣe.

Ó wá ku ohun ìdúró, níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tí kò jẹ gbèsè. Báńkì ní kí ọkọ ìyá yìí ṣe onídùúró, kí wọ́n sì fi ilé dúró. Nínú ìwé onídùúró, gbólóhùn kan wà tí ó sọ pé ó dúró fún gbogbo gbèsè tí ìyàwó rẹ̀ jẹ àti èyí tí yóò jẹ lọ́jọ́ iwájú, irú èyí tó wù kó jẹ́. Gbèdéke dékúfẹ̀ẹ̀ ní òpin, lẹ́tà ní ọjọ́ ìparí, ṣùgbọ́n gbólóhùn yìí kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bí ìyàwó bá lọ gba owó mìíràn ní báńkì kan náà lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, báńkì lè sọ pé ìdúró ti tẹ́lẹ̀ kàn án.

Òfin Ohádà lórí ohun ìdúró, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Lómè ní 15 oṣù kejìlá ọdún 2010, ń ṣiṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò. Ó sọ pé onídùúró gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye tó ga jù tí ó dúró fún, ní ọ̀rọ̀ àti ní nọ́ńbà, èlé àti gbogbo ìnáwó sì wà nínú iye náà. Bí kò bá mọ ìwé kọ, ẹlẹ́rìí méjì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kí wọ́n jẹ́rìí pé wọ́n ti ṣàlàyé ohun tí ìwé náà jẹ́ àti ohun tó lè fà. Bí ìdúró bá sì jẹ́ ti gbogbo gbèsè, onídùúró lè fà á sẹ́yìn kí gbèsè tó dé iye tó kọ, ṣùgbọ́n kò bọ́ nínú èyí tí wọ́n ti jẹ kí ó tó fà á sẹ́yìn. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́, ẹ gba ìwé ẹ̀rí pé wọ́n rí i.

Ti ilé yàtọ̀. Iwájú nọtẹ́ẹ̀rì ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì ń kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba. Bí gbèsè bá ti di òdo, àkọsílẹ̀ yẹn kì í pa ara rẹ̀ rẹ́. A gbọ́dọ̀ gba ìwé ìtúsílẹ̀ lọ́wọ́ báńkì, kí wọ́n fi pa á rẹ́. Ilé bàbá ẹni tí orúkọ ẹnì kan wà lórí ìwé rẹ̀ ni ó gbẹgẹ́ jù. Lójú òfin, ti ẹni tó ní orúkọ níbẹ̀ ni. Lójú ẹbí, ti gbogbo ọmọ ni. Ẹni tó bá fi í dúró láìsọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ti fi ilé wọn ta tẹ́tẹ́.

A mọ̀ pé wọ́n á sọ pé báńkì kì í yí lẹ́tà padà nítorí oníṣòwò kékeré. Òótọ́ ni fún ọ̀pọ̀ gbólóhùn tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìparí àti iye tí onídùúró dúró fún, òṣìṣẹ́ báńkì ni ó ń kún wọn fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan. A lè béèrè pé kí wọ́n dárúkọ lẹ́tà yìí gan-an nínú ìwé onídùúró, kí iye ibẹ̀ má ju 5,500,000 lọ. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, kí a gba gbèdéke tó kéré tí kò nílò ilé, tàbí kí a fi àgbàdo náà fúnra rẹ̀ dúró ní ilé ìkẹ́rù onígbáṣo méjì, tí ilé owó kéékèèké mú kọ́kọ́rọ́ kan, tí àwa mú èkejì. Èlé ibẹ̀ lè ga ju ti báńkì lọ, ṣùgbọ́n bí ọjà bá bàjẹ́, àgbàdo ni yóò lọ. Ilé yóò ṣì wà ní ìdúró.