Kí Róta Tó Jáde

Aboyún Yorùbá kì í tètè sọ̀rọ̀. Nígbà tí oyún bá ṣì wà ní oṣù méjì, ọkọ àti ìyá nìkan ló sábà máa ń gbọ́. Ìjọ á fi ojú ara wọn rí i bó bá yọ. Kò sẹ́ni tó ní kí àṣà yìí kú. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, níbi tí ọ̀pọ̀ obìnrin wa ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àgbàlagbà, ó yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo kún àwọn tó gbọ́: máníjà tó ń ṣe róta.

Òfin ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ ti ọdún 1996 gba aboyún láàyè láti lọ fún àyẹ̀wò lákòókò iṣẹ́, láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wọṣẹ́, kí owó rẹ̀ má sì dín. Ìrìnàjò àti ìdúró ní ilé ìwòsàn wà nínú rẹ̀. Kò sí pé kó fi ìsinmi ọdún rẹ̀ dí i. Lẹ́yìn àyẹ̀wò àkọ́kọ́, máníjà lè béèrè ìwé agbẹ̀bí àti káàdì tí ọjọ́ wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ́jẹ́ńsì gbọ́dọ̀ ti lo ọ̀sẹ̀ 12 níbi iṣẹ́ kan náà kí ẹ̀tọ́ owó yìí tó kàn án.

Ẹ jẹ́ ká mú obìnrin kan tó lóyún ọmọ kejì, tó ń ṣiṣẹ́ láti aago méje àárọ̀ di méje alẹ́, tí róta rẹ̀ sì ń jáde ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ṣáájú. Ìgbà méje ni wọ́n là sílẹ̀ fún ẹni tó ti bímọ rí láti rí agbẹ̀bí. Mẹ́wàá ni ti aláboyún àkọ́bí. Lẹ́yìn ti ìbẹ̀rẹ̀, tirẹ̀ máa bọ́ sí ọ̀sẹ̀ 16, 28, 34, 36, 38, àti 41 bí kò bá tíì bí. Sikáànù méjì wà lọ́tọ̀, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 àti 20. Nítorí náà, kété tó bá ti rí agbẹ̀bí, ó ti lè jókòó ti kàlẹ́ńdà, kó sì sọ ọ̀sẹ̀ wọ̀nyí fún máníjà ní kọ̀rọ̀, kó tún fi ímeèlì tì í lẹ́yìn. Ímeèlì yẹn náà ló ń sọ ọ́ di dandan fún ibi iṣẹ́ láti yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, pàápàá gbígbé ohun tó wúwo.

Bí lẹ́tà bá wá dé pé aago mẹ́wàá Ọjọ́bọ̀ ni ti ọ̀sẹ̀ 28, kó má kàn kọ aago mẹ́wàá. Kó kọ ọ́ pé òun máa kúrò ní mẹ́sàn-án, òun á sì padà ní méjìlá ọ̀sán. Wákàtí mẹ́ta yẹn ni máníjà ń wá ẹni sí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé arúgbó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì sábà máa ń gba èèyàn méjì; bó bá jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pè, arúgbó kan á wà lórí bẹ́ẹ̀dì títí ẹlòmíràn á fi dé.

Ètò yìí kò kan ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá yọ, tàbí tí ọmọ kò bá mira bíi ti tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ tó pe ibi iṣẹ́.

Ẹ̀yin ọkọ náà ní ẹ̀tọ́ láti bá aya yín lọ fún àyẹ̀wò ní ẹ̀ẹ̀mejì, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan, láìgba owó. Ẹ tètè sọ tiyín náà. Bí ọ̀gá bá sì kọ̀ láìnídìí, ẹ pe Acas lórí 0300 123 1100. Wọn kì í gba owó ìmọ̀ràn.