Ẹ̀yin Onílé, Ẹ Kọ Iye Tó Kù Sínú Mẹ́séèjì Yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nílé, àti ẹ̀yin tí ìyá yín nílé tó wá sọ yín di akọ̀wé orí fóònù bíi tèmi, ẹ súnmọ́ bí. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀ o.

Ketu nilé wa wà. Èmi ni mo máa ń bá màmá mi tẹ mẹ́séèjì sáwọn ayálégbé. Ohun tí mo sì ti rí ni pé bíbéèrè owó kọ́ ló ń bà àárín jẹ́. Bíbéèrè rẹ̀ lábẹ́lẹ̀-lábẹ́lẹ̀ ni.

Ẹ mọ mẹ́séèjì yẹn dáadáa: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé nǹkan wa. Olúwa á pèsè." Kí ni "nǹkan wa"? Ṣé owó ilé ni àbí owó iná? Èló ló kù? Ayálégbé á ní "Àmín, mà," ó parí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, onílé á máa rò pé wọ́n ń fojú di òun, mẹ́séèjì kejì á wá gbóná bí iná. Bẹ́ẹ̀, wọn ò tíì bi ayálégbé yẹn ní ìbéèrè kankan rí.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹnì kan. Ó ń ta tòmátò ní Mile 12. Owó yàrá rẹ̀ jẹ́ ₦360,000 lọ́dún, oṣù kẹfà ló sì máa ń pé. Oṣù kẹfà, ẹ gbọ́! Ìgbà òjò nìyẹn, tí tòmátò Òkè Ọya ti wọ́n, tí owó tó ń ra apẹ̀rẹ̀ púpọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò wá lè ra ìdajì rẹ̀ mọ́. Ó san ₦210,000, ó dákẹ́. Màmá mi ní kí n kọ ọ́ pé tí òun ò bá rówó lọ́jọ́ Jímọ̀, òun á kó ẹrù ẹ̀ síta. Èyí tí mo tẹ̀ rèé:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Màmá Ìbejì, ẹ kú ọjà. Owó yàrá yín láti 1 oṣù kẹfà ọdún yìí dé 31 oṣù karùn-ún ọdún tó ń bọ̀ jẹ́ ₦360,000. A ti gba ₦210,000, ẹ ṣé gan-an. Ó ku ₦150,000. Ọjọ́ wo lẹ rò pé ẹ máa lè san án? Tí kò bá lè pé lẹ́ẹ̀kan, ẹ sọ iye tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ mú wá àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa mú un wá."

Kò pẹ́ tó fi dáhùn: ₦50,000 níparí oṣù, ìyókù láàárín oṣù kẹjọ, torí ìgbà yẹn ló kàn án láti kó èsúsú. Ẹ rí i pé ó lọ́jọ́ lọ́kàn látilẹ̀? Kò sẹ́ni tó bi í ni.

Látìgbà náà, a ò fọhùn mọ́ títí ó fi ku ọ̀la: "Ẹ kú ọjà o, ọ̀la la fi sí." Nígbà tí ₦50,000 wọlé, a kọ rìsíìtì, a sì kọ pé ó ku ₦100,000. Òfin ilé gbígbé ti ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011, ló ní kí onílé máa fún ayálégbé ní rìsíìtì, kí iye owó, ọjọ́ tí wọ́n gbà á àti àsìkò tí owó náà wà fún hàn nínú rẹ̀. Mẹ́séèjì tó bá ní nǹkan wọ̀nyí nínú kì í fàyè sílẹ̀ fún "mo ti san jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Òfin yẹn kan náà ni mo kà sí màmá mi létí nípa ọ̀rọ̀ ẹrù síta. Kì í ṣe lílé ayálégbé jáde tipátipá nìkan ni ẹ̀ṣẹ̀. Kéèyàn fi ẹnu lásán halẹ̀ mọ́ ọn kó lè kó jáde wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Owó ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦250,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tó lè tó oṣù mẹ́fà. Lórí wọ́sáàpù, ẹ ti fọwọ́ ara yín kọ ẹ̀rí sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́ o, inú gúrúùpù ilé kọ́ la ti ń kọ ọ́. Ẹni tẹ́ ẹ bá dárúkọ lójú àwọn tí wọ́n jọ ń lo kìtíìnì kan náà lè sanwó lọ́la, àmọ́ kò ní kí yín mọ́. Ẹ má sì fi í ránṣẹ́ láàárọ̀ kùtù sí ẹni tó ń ná ọjà lọ́wọ́. Ìrọ̀lẹ́ ló dáa.

Tí ọjọ́ àdéhùn bá wá kọjá lẹ́ẹ̀mejì tí ẹni náà ò sọ nǹkan kan ńkọ́? Ìyẹn ti kọjá ọ̀rọ̀ mẹ́séèjì. Ìjọba Èkó ní ibi tí wọ́n ti ń bá onílé àti ayálégbé parí aáwọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, Sítísìn Mẹdiéṣọ̀n Sẹ́ńtà ni wọ́n ń pè é. Tó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ gba yàrá yín, ẹni tó ń san owó ọdọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, àyàfi tí àdéhùn yín bá sọ nǹkan mìíràn. Orí ìwé gidi ni ká kọ ìyẹn sí, ká má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí "ẹ kú ọjà."